Bí ẹ ṣe lè sọ àdàkọ fọ́ìsì nóòtì tó rí jágbajàgba di ìpínrọ̀ kan tó mọ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, iṣẹ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń gbọ́ fọ́ìsì nóòtì ju rédíò lọ, torí àwọn àgbà wa ò fẹ́ràn kí wọ́n máa wá lẹ́tà kéékèèké lójú fóònù, wọ́n á kàn tẹ máìkì yẹn mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ tẹnu wọn, wọ́n á ní "akọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ gbé e sí gúrúùpù." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ronú lọ ni, ó lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan kó já a sílẹ̀, kó fi "ẹẹ" àti "kíni yẹn" wá ọ̀rọ̀ tó kàn. Tẹ́ ẹ bá gbé gbogbo ẹ̀ síta bó ṣe jáde lẹ́nu, ẹni tó ń kà á ò ní mọ èyí tí òun máa mú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì gé e jù, ẹ ti yí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ padà nìyẹn. Mo máa lo fọ́ìsì nóòtì kan tí màmá akápò wa fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí pọ́ǹpù bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò jóná, wọ́n ti gbà mí láyè pé kí n lò ó.

Ẹ gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó tẹ lẹ́tà kankan. Ẹ má kọ nǹkan kan o, ẹ kàn fetí sí i kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, torí ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n sọ ní ìparí ló máa ń tú ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí fọ́ìsì nóòtì yẹn wọlé sílẹ̀. Ẹ máa rí ìdí tó fi ṣe pàtàkì níwájú. Tí wọ́n bá kọ Forwarded sórí ẹ̀, ẹ mọ̀ pé àkókò tí ẹ̀ ń rí lábẹ́ ẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́.

Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ jáde, bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, tòun ti gbogbo "ẹẹ" inú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó máa tún un ṣe bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tẹ́ ẹ tún ń ṣàtúnṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tẹ́ ẹ rò pé wọ́n sọ lẹ máa kọ. Ẹ fi sí 1x, ẹ má fi sí 1.5x tàbí 2x, pàápàá níbi tí iye owó bá wà. Ẹ gbọ́ gbólóhùn kan, ẹ dá a dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún tẹ̀ síwájú. Ibi tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ìṣẹ́jú tó wà, bíi 0:41, kẹ́ ẹ lè padà síbẹ̀. Fọ́ìsì nóòtì tí ò tó ìṣẹ́jú méjì lè gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má kánjú.

Ohun tí mo tẹ̀ jáde látẹnu màmá akápò rèé. Ó wọlé ní aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi ò sì gbọ́ ọ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì:

"Ẹ kú alẹ́ o akọ̀wé, ẹẹ, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú, mo ní kí n, ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù wa yẹn, pọ́ǹpù tó, tó jóná yẹn, oníṣẹ́ ti wá wò ó. Wọ́n ní kò sí ẹ̀mí lára ẹ̀ mọ́, àfi ká ra òmíì. Wọ́n ní ọgọ́ta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, rárá o, márùndínláàádọ́rin, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin ni pọ́ǹpù, ọgọ́ta yẹn ni ti ọjọ́sí. Ẹẹ, kíni yẹn, wáyà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ẹ gbọ́, àwa méjìlá tá a nílé, ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún, àwọn oníṣọ́ọ̀bù, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹgbẹ̀rún méjì méjì. Bàbá Alága, wọ́n ti, ẹn, wọ́n ti san tiwọn. Owó yẹn o, kó wọlé lọ́la, ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn, torí ọjọ́ Ẹtì, rárá, Sátidé, ọjọ́, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ní àwọn máa wá fi í síbẹ̀. Omi ò ní, ẹ má jẹ́ kí wọ́n, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pọn omi sílẹ̀ o, torí wọ́n máa paná bọ́ọ̀hóòlù láti àárọ̀ títí, títí iṣẹ́ fi máa parí. Ẹ sọ fún wọn dáadáa dáadáa o. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn yẹn náà ṣáà, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn dìgbà míì. Ó dàárọ̀ o."

Ẹ ṣe kọ́pì ẹ̀ sí ibòmíì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Orí kọ́pì yẹn lẹ ti máa gé nǹkan, àkọ́kọ́ á wà níbẹ̀ bó ṣe wà, torí ẹ máa padà lọ wò ó.

Ó wá kan àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnu fi ń wá ọ̀nà. "Ẹẹ", "ṣé ẹ rí i", "kíni yẹn", "ẹ gbọ́", "mo ní kí n", gbogbo ìwọ̀nyẹn lè kúrò, kò ní dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ kékeré ni kò níṣẹ́. Ẹ wo "o" tó wà lẹ́yìn "kí wọ́n pọn omi sílẹ̀ o." Ìkìlọ̀ ni "o" yẹn, ó ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ṣàìpọn omi, ẹ máa jìyà ẹ̀, èmi ò jẹ́ yọ ọ́. Àmọ́ "o" tó wà nínú "ẹ kú alẹ́ o", tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kò sóhun tó sọnù. Ẹ tún wo "ni" tó wà nínú "ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ní àwọn máa wá." Ẹni tó bá kánjú lè kọ "wọ́n máa wá lọ́jọ́ Sátidé", kò burú, àmọ́ "ni" yẹn ń sọ pé Sátidé, kì í ṣe ọjọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ màmá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣi ọjọ́ náà pè tán ni. Torí náà mo fi sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni pé mo máa ka gbólóhùn náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, tí ìtumọ̀ bá yí tàbí tó bá rọ̀, ó níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

"Ẹn" tó wà lẹ́yìn Bàbá Alága yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé ìsinmi ẹnu lásán ni. Nígbà tí mo padà gbọ́ ọ, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn tó ń béèrè pé "ṣé wọ́n ti fún yín?", màmá wá dá a lóhùn pé "ẹn", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìpínrọ̀, mo ṣì máa yọ ọ́, torí kì í ṣe èmi ni wọ́n ń dá lóhùn, àmọ́ ó jẹ́ kó dá mi lójú pé owó Alága ti wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Ẹ máa fetí sí ohun tó ń lọ lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ibi tó le jù wá dé báyìí, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń rò pé tí ọ̀rọ̀ kan bá ti jáde lẹ́ẹ̀mejì léra, kí wọ́n dìlíìtì ọ̀kan. Lédè Yorùbá, ewu ńlá nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ tá a pè lẹ́ẹ̀mejì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún" ni 5,000 náírà. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún", 5,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ yọ "márùn-ún" kan, onílé méjìlá máa para pọ̀ san 5,000, pọ́ǹpù ò ní délé láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "méjì méjì" tàwọn oníṣọ́ọ̀bù. "Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ" náà tún yàtọ̀ sí "mẹ́jọ mẹ́jọ": "mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ" ni gbogbo àwọn mẹ́jọ láìku ẹnì kan, "mẹ́jọ mẹ́jọ" ni mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Dáadáa dáadáa" wà fún ìtẹnumọ́, ẹ lè fi ọ̀kan sílẹ̀. Àmọ́ "ọjọ́, ọjọ́ Sátidé" àti "títí, títí iṣẹ́ fi máa parí", ahọ́n ló kọ́ níbẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Etí ló kọ́kọ́ máa sọ fún yín. Èyí tó jẹ́ pé ahọ́n ló kọ́, ohùn máa ń já láàárín méjèèjì, ẹ máa gbọ́ àlàfo kékeré kan, tàbí kí ti àkọ́kọ́ máà jáde tán. Èyí tó jẹ́ ìtumọ̀, èémí kan ni wọ́n fi ń pe méjèèjì, "márùn-ún-márùn-ún", kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi àmì ìdánudúró síbi tí ohùn ti já nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ wo bí mo ṣe fi síbi "ọjọ́, ọjọ́" tí mi ò fi síbi "méjì méjì". Tí etí ò bá dá yín lójú, ẹ fi "kọ̀ọ̀kan" dán an wò: "onílé kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún", ó bọ́ sí i. "Sátidé kọ̀ọ̀kan"? Kò bọ́ sí i rárá.

Ẹ̀rí kẹta ni ìṣirò, òun ni mo gbọ́kàn lé jù. Pọ́ǹpù 65,000, wáyà 3,000, iṣẹ́ ọwọ́ 8,000, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 76,000. Onílé 12 lọ́nà 5,000 jẹ́ 60,000, ṣọ́ọ̀bù 8 lọ́nà 2,000 jẹ́ 16,000, wọ́n di 76,000. Owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde bára mu láìku kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi balẹ̀ pé mi ò ṣi nóḿbà kankan gbọ́. Ẹ wò ó, màmá ò dárúkọ 76,000 rárá nínú fọ́ìsì nóòtì yẹn, àmọ́ ó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe é rò. Tí ìṣirò ò bá bára mu, ẹ má gbé nǹkan kan síta, ẹ padà lọ gbọ́ ibi tí owó wà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí, nínú ẹbí tiwa. Bàbá kékeré wa ló fi ohùn ránṣẹ́ nítorí ìrántí ìyá àgbà, wọ́n ní kí ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ló kọ́ wọn lẹ́nu, mo yọ "mẹ́wàá" kan, mo kọ "kí ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú 10,000 náírà wá." Ìdí mẹ́rin pín in, wọ́n mú 2,500 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Bàbá kékeré fi 30,000 dí i láti àpò ara wọn, wọn ò sì bá mi wí. Ó dùn mí gan-an, torí wọ́n sọ ọ́ kedere, èmi ni mo gé e.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ṣe. Àmì ẹ̀ ni "rárá", "rárá o", "mo ṣì í", "ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa". Èyí tó bá wá lẹ́yìn "rárá" lẹ máa mú, kẹ́ ẹ sì yọ èyí tó wà níwájú ẹ̀ tòun ti "rárá" fúnra ẹ̀. Ọgọ́ta lọ, márùndínláàádọ́rin dúró. Ẹtì lọ, Sátidé dúró. Ẹ má kọ "kì í ṣe 60,000 mọ́ o, 65,000 ni", torí àwọn tó wà ní gúrúùpù ò gbọ́ 60,000 tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbìn ín sí wọn lọ́kàn, àwọn kan sì máa dìrọ̀ mọ́ èyí tó kéré. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún "àbí". Tí wọ́n bá sọ pé "ọgọ́ta àbí márùndínláàádọ́rin", ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, iyèméjì ni, èyí tó wá kẹ́yìn kọ́ ni òótọ́ níbẹ̀, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ béèrè. "Ìyẹn ni pé" náà kì í ṣe àtúnṣe, àlàyé ló máa ń tẹ̀ lé e, ìgbà míì àlàyé yẹn ló dáa ju ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lọ.

Gbólóhùn tó ṣẹ́ lẹ́nu tún yàtọ̀ síyẹn. "Omi ò ní, ẹ má jẹ́ kí wọ́n, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pọn omi sílẹ̀ o." Gbólóhùn méjì ló ṣẹ́ níbẹ̀, ìkẹta ló délé. Ẹ má bá wọn parí èyí tó ṣẹ́ látọkàn ara yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ti jáde níwájú. "Omi ò ní" yẹn, ó dájú pé wọ́n fẹ́ sọ pé omi ò ní sí, ó sì ti jáde níbi tí wọ́n ti ní wọ́n máa paná bọ́ọ̀hóòlù láti àárọ̀, torí náà mo yọ ọ́, kò sóhun tó sọnù. Tí kò bá sí níbòmíì, ẹ béèrè. Tọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn yẹn wá, màmá fúnra wọn ní ó dìgbà míì. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́rọ̀ ti gbé padà, ẹ má fi sí etí gúrúùpù.

Ohun méjì ló tún kù kẹ́ ẹ tó kọ ìpínrọ̀ yín, "wọ́n" àti "lọ́la". Ẹ ka "wọ́n" àti "wọn" tó wà nínú àdàkọ yẹn. Oníṣẹ́ ni "wọ́n", Bàbá Alága ni "wọ́n", àwọn ará àdúgbò náà ni "wọ́n", torí bá a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan náà la ṣe ń pe èèyàn púpọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ màmá máa fi ohùn mọ ẹni tó ń jẹ́ wọ́n, ẹni tó ń kà á ò lè mọ̀. Ẹ gba ìsàlẹ̀ "wọ́n" kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó jẹ́, nínú ìpínrọ̀ yín, ẹ lo orúkọ yẹn. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti rí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tú síta gbangba tí mo bá ti ṣe ìyẹn nìkan.

"Lọ́la" wá ńkọ́. Màmá sọ ọ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀la tí wọ́n ń sọ ni ọjọ́ Ẹtì. Èmi gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ká ní mo gbé "lọ́la" sí gúrúùpù bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé á máa retí Sátidé, ọjọ́ tí oníṣẹ́ ti máa dé tówó ò tíì pé. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn aago méjìlá òru, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè, torí ẹni tí kò tíì sùn ṣì máa ń pe ilẹ̀ tó ń mọ́ bọ̀ ní ọ̀la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ti yí ọjọ́ padà. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá rí òní, ọ̀la, ọ̀túnla, àná, ìjẹta, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà tì í.

Ẹ gbé àdàkọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ẹ kọ ìpínrọ̀ yín láìwò ó. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ máa tẹ̀ lé bó ṣe tò ó, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wá síni lọ́kàn kọ́ ló ṣe yẹ ká tò ó fún ẹni tó ń kà á. Èmi máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà iye tó máa ná wa, ẹni tó máa san iye tó máa san, ìgbà tó máa san án, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n máa ṣe nílé. Iye owó, ẹ fi nóḿbà kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti sọ "márùn-ún márùn-ún", ẹ kọ "kọ̀ọ̀kan", torí ẹni tó bá rí "5,000 5,000" máa rò pé ọwọ́ yín ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ wá padà síbi àdàkọ, ẹ fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ gbàgbé nǹkan kan tàbí ẹ fi ohun tí wọn ò sọ kún un.

Èmi kọ́kọ́ kọ tèmi báyìí:

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará àdúgbò. Iṣẹ́ tí màmá akápò rán mi sí yín rèé. Oníṣẹ́ ti wá wo pọ́ǹpù bọ́ọ̀hóòlù wa tó jóná, ó ní kò ṣe é tún ṣe mọ́, àfi ká ra òmíì. Pọ́ǹpù jẹ́ 65,000 náírà, wáyà 3,000, iṣẹ́ ọwọ́ 8,000, gbogbo ẹ̀ 76,000 náírà. Àwa onílé méjìlá, 5,000 kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, 2,000 kọ̀ọ̀kan. Bàbá Alága ti san tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí owó wọlé sọ́dọ̀ màmá akápò lónìí, ọjọ́ Ẹtì, torí ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, ni oníṣẹ́ máa wá fi pọ́ǹpù síbẹ̀. Ẹ pọn omi sílẹ̀ o, torí bọ́ọ̀hóòlù máa wà ní pípa láti àárọ̀ Sátidé títí iṣẹ́ fi máa parí."

Ẹ wo "kò sí ẹ̀mí lára ẹ̀ mọ́" tí mo sọ di "kò ṣe é tún ṣe mọ́". Ti màmá dùn létí jù, àmọ́ ẹnì kan lè kà á kó béèrè pé ṣé wọn ò lè jí i. Tó bá jẹ́ ìtàn tàbí ọ̀rọ̀ ìrántí ẹnì kan ni mò ń kọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án, torí ohùn onítọ̀hún ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ẹnì kan ń fẹ̀sùn kan ẹnì kan, tàbí wọ́n ń ṣèlérí owó fún ara wọn, ẹ má tún un ṣe rárá, ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde tòun ti "ẹẹ" inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fọ́ìsì nóòtì náà pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti tún ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣe, ẹ má fi àmì àyọlò sí i lẹ́nu bíi pé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i lórí WhatsApp, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ẹ ka gbólóhùn yìí láìsí àmì: "owo yen ko wole". Ṣé "kó wọlé" ni àbí "kò wọlé"? Ọ̀kan ń sọ pé kí wọ́n mú owó wá, èkejì ń fẹ̀sùn kan àwọn tó ti san. Ẹ lè má fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, àmọ́ "kó" àti "kò", "owó" àti "ọwọ́", "ọjọ́" àti "òjò", ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sí i, tàbí kẹ́ ẹ yí gbólóhùn náà padà kó má lè ní ìtumọ̀ méjì. Ìdí tí mo fi kọ "kí owó wọlé" dípò "owó yẹn, kó wọlé" nìyẹn, torí "ki owo wole" ò ṣe é ṣì kà kódà tí àmì ò bá sí níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ kà á sókè sí ara yín létí lẹ́ẹ̀kan, ibi tí ahọ́n yín bá ti kọ́, ẹ pín gbólóhùn náà sí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kó wò ó, tí kò bá lè kàwé dáadáa, ẹ kà á fún un lórí fóònù.

Èmi fi tèmi ránṣẹ́ sí màmá akápò ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Wọ́n pè mí padà láìpẹ́, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ló pé, àmọ́ kí n jọ̀ọ́ yọ ibi tí Bàbá Alága ti san tiwọn, torí ẹni tó ń retí owó oṣù lè rò pé wọ́n ń fi òun wé ẹni tó lówó, èmi ni wọ́n fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé owó. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìpínrọ̀, mo kọ 5,000 sí iwájú orúkọ Bàbá Alága nínú ìwé, nígbà tó fi máa di aago méje, mo ti gbé ìyókù sí gúrúùpù.